Máàpù Tí Wọ́n Dín Kù: Sikẹ́ẹ̀lì, Kọ́ńtọ̀ àti Bẹ́ẹ̀rìn Nínú Ìdánwò Jọ́gíráfì



Ìbéèrè máàpù ni wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí. N kò ní kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Máàpù kan ṣoṣo ni n óò mú, n óò sàmì sí ibi méjì lórí rẹ̀, n óò sì béèrè ohun mẹ́ta tí olùdánwò máa ń béèrè: báwo ni ibì kan ṣe jìnnà sí èkejì tó, báwo ló ṣe ga jù ú lọ tó, apá ibo ló sì wà. Lẹ́yìn náà, a óò ṣe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ilé-ìwé wa lójoojúmọ́: a óò gbé máàpù náà lọ sídìí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì, a óò dín in kù kí ó lè gba ojú ìwé kékeré. Mo fẹ́ kí a mọ èwo nínú ìdáhùn wọ̀nyẹn ni yóò yí padà àti èwo ni kò ní yí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ iṣẹ́ ti ń pàdánù máàkì.

Irú máàpù tí mo ń sọ ni èyí tí ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń wọn ilẹ̀ Nàìjíríà tẹ̀ jáde ní sikẹ́ẹ̀lì 1:50,000. Abala kan nínú wọn gba ìdá mẹ́rin dígírì kan lóròó, ó sì gba ìdá mẹ́rin dígírì kan ní ìbú. Ní apá ibi tí a wà nínú ayé, èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 28 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé abala náà lórí bébà máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 55. Kò sí tábìlì ìdánwò tó gba irú bébà bẹ́ẹ̀ dáadáa, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé díẹ̀ ni wọ́n máa ń gé nínú rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn máàpù wọ̀nyí ti pẹ́, ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n sì fi ka gíga ilẹ̀ lórí wọn: láti kọ́ńtọ̀ kan sí èkejì, ẹsẹ̀ bàtà 50 ni. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, yóò wúlò láìpẹ́.

Ká ní ibi àkọ́kọ́ tí mo sàmì sí ni A, ilé-ìwé kan ní ìsàlẹ̀ òkè, orí kọ́ńtọ̀ 850 gan-an ló sì bọ́ sí. Ibi kejì ni B, góńgó òkè kan tí wọ́n kọ 1,250 sí. Mo fi rúlà wọn ilà tààrà láti A dé B, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4.8.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí sikẹ́ẹ̀lì. Ohun tí 1:50,000 ń sọ ni pé ohunkóhun tó bá gùn ní ẹyọ kan lórí bébà, ẹyọ 50,000 irú rẹ̀ náà ló gùn lórí ilẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà kan lórí bébà di sẹ̀ǹtímítà 50,000 lórí ilẹ̀, èyí tí í ṣe mítà 500, tàbí ìdajì kìlómítà. Nítorí náà, sẹ̀ǹtímítà 4.8 di kìlómítà 2.4. Bí olùdánwò bá sọ pé ọ̀nà ọkọ̀ ni kí a wọ̀n dípò ilà tààrà, a óò mú òwú tàbí etí bébà, a óò máa tẹ̀lé kọ́lọkọ̀lọ ọ̀nà náà díẹ̀díẹ̀, a óò wá na òwú náà sórí rúlà. Iṣẹ́ sùúrù lásán nìyẹn.

Ìbéèrè kan wà tí wọ́n fẹ́ràn láti máa bi àwọn ọmọ lórí pèpéle kúìsì: nínú 1:25,000 àti 1:100,000, èwo ni sikẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tóbi jù? Ọmọ tó ń kánjú yóò ní 1:100,000 ni, nítorí òǹkà rẹ̀ ló pọ̀. Ṣùgbọ́n ìdá ni sikẹ́ẹ̀lì jẹ́. Ẹni tí wọ́n fún ní ìdá mẹ́rin àkàrà kan ti jẹun ju ẹni tí wọ́n fún ní ìdá mẹ́wàá rẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mẹ́wàá ju mẹ́rin lọ lẹ́nu. 1:25,000 ló tóbi. Ilé, kànga àti ọ̀nà ẹsẹ̀ yóò hàn lórí rẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí yóò gbà sójú bébà kan náà kò ní pọ̀.

Bí wọ́n bá béèrè bí ilẹ̀ kan ṣe fẹ̀ tó, àṣìṣe mìíràn tún wà tí mo máa ń rí lórí bébà àwọn ọmọ. Ká ní igbó ọba kan lórí máàpù wa gùn ní sẹ̀ǹtímítà 3, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 2. Ọmọ náà yóò sọ 3 di ìlọ́po 2, yóò rí 6, yóò wá pín 6 sí méjì nítorí pé sẹ̀ǹtímítà kan jẹ́ ìdajì kìlómítà, yóò sì kọ kìlómítà 3 níbùú lóròó. Ìdáhùn ti di ìlọ́po méjì ohun tó yẹ kó jẹ́. Gígùn àti ìbú ló yẹ kó kọ́kọ́ yí sí kìlómítà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: 1.5 àti 1. Bí a bá wá sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn, kìlómítà 1.5 níbùú lóròó ni yóò jẹ́. Ìdajì náà ní láti wọ inú ìṣirò lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ méjì ni ilẹ̀ ní.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a gbé máàpù náà lọ sídìí fọ́tòkọ́pì. Olùkọ́ ní bébà ńlá, èyí tí àwọn atẹ̀wé ń pè ní Ee-mẹ́ta, ó sì fẹ́ kí ó gba ojú Ee-mẹ́rin tí ilé-ìwé ń lò. Ẹ̀rọ náà dín in kù sí ìpín 71 nínú 100. Gbogbo ohun tó wà lórí bébà ló dín kù, àfi ohun kan: òǹkà 1:50,000 tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ máàpù. Lẹ́tà rẹ̀ kéré sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n 50,000 náà ló ṣì ń jẹ́. Láti ìgbà náà lọ, irọ́ ni òǹkà yẹn ń pa.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fún ní ẹ̀dà yìí wọn A dé B, ó rí sẹ̀ǹtímítà 3.4. Ó fi 50,000 ṣírò rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó kọ kìlómítà 1.7. Kò ṣe àṣìṣe kankan nínú ìṣirò, síbẹ̀ ó fi mítà 700 jìnnà sí òótọ́. Ti igbó ọba tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìdajì ló máa rí, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló dín kù. Dípò kìlómítà 1.5 níbùú lóròó, 0.75 ni yóò kọ.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé wọ́n ti dín máàpù kù? Ọ̀nà méjì ni mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ. Èkínní ni àwọn ilà gíríìdì tó pín máàpù sí àpótí àpótí. Lórí 1:50,000 tí àpótí rẹ̀ jẹ́ kìlómítà kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àpótí kan gbọ́dọ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2 gééré. Kí ọmọ tó kọ ohunkóhun, kí ó gbé rúlà lé àpótí kan. Bí ó bá rí 1.4, kí ó mọ̀ pé máàpù náà ti súnkì, sikẹ́ẹ̀lì rẹ̀ gan-an sì ti di bíi 1:71,000. Kí ó wá pín 3.4 tó wọ̀n sí 1.4, yóò tún rí kìlómítà 2.4 tí a kọ́kọ́ rí. Ọ̀nà kejì ni sikẹ́ẹ̀lì onílà, ilà gbọọrọ tí wọ́n pín sí kìlómítà kọ̀ọ̀kan ní ìsàlẹ̀ máàpù. Ilà yẹn bá máàpù dín kù, bí máàpù bá sì tóbi, yóò bá a tóbi, nítorí náà kì í purọ́. Ẹni tó fi etí bébà sàmì sí A àti B, tó gbé e lé ilà náà, yóò rí 2.4 yálà lórí bébà ńlá ni o tàbí lórí kékeré. Ó máa ń dùn mí bí olùkọ́ bá gé ìsàlẹ̀ máàpù dànù kí bébà lè mọ níwọ̀n, nítorí pé ibẹ̀ ni ilà yẹn wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń ṣètò kúìsì pẹ̀lú. Bí wọ́n bá fi iná gbé máàpù sára ògiri gbọ̀ngàn, òǹkà 1:50,000 tó wà lára rẹ̀ kò ní ìtumọ̀ mọ́, nítorí máàpù ara ògiri ti tóbi ju ti bébà lọ fíìfíì. Kí wọ́n béèrè ìbéèrè wọn lórí sikẹ́ẹ̀lì onílà, tàbí kí wọ́n pín bébà.

Ẹ jẹ́ ká kọjá sórí gíga. Kọ́ńtọ̀ ni ilà tó so gbogbo ibi tí gíga wọn dọ́gba pọ̀ mọ́ra. Ìlànà náà ní ìtàn tó wu mí láti máa sọ. Ní 1774, Nevil Maskelyne lọ wọn òkè Schiehallion ní Sikọ́tílándì, ó fẹ́ fi bí òkè náà ṣe ń fa okùn ìwọ̀n sọ́dọ̀ ara rẹ̀ mọ bí ayé yìí ṣe wúwo tó. Charles Hutton, onímọ̀ ìṣirò, ni wọ́n gbé ìṣirò náà fún. Òǹkà gíga tó kún ojú máàpù pọ̀ débi pé ojú kò rí nǹkan kan mú nínú wọn. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ilà so àwọn ibi tí òǹkà wọn bára mu pọ̀, kíá ni ìrísí òkè náà sì yọ sí i. Kì í ṣe òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó fa irú ilà bẹ́ẹ̀ láyé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn rẹ̀ kò ní bi mí mọ́ pé kí ni kọ́ńtọ̀ wà fún.

Níbi tí kọ́ńtọ̀ bá ti fún pọ̀, ilẹ̀ ga gọngọ níbẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti jìnnà síra, ilẹ̀ tẹ́jú. Ẹni tó bá fẹ́ rí kọ́ńtọ̀ tó fún pọ̀ kí ó wo máàpù àgbègbè Ìdànrè, níbi tí àpáta ti yọ láti inú ilẹ̀ bí ògiri. Ìbéèrè tó ń dani láàmú jù ni èyí tó dá lórí kọ́ńtọ̀ tó tẹ̀ kọ́lọ́kọ́lọ́ bí lẹ́tà V. Àfonífojì ni, àbí ẹ̀yìn òkè tó na ẹsẹ̀ jáde? Òǹkà ni kí a wò. Bí ẹnu ṣónṣó V bá kọjú sí ibi tí òǹkà ti ń pọ̀ sí i, àfonífojì ni, omi ló gbẹ́ ibẹ̀. Bí ó bá kọjú sí ibi tí òǹkà ti ń kéré, ẹ̀yìn òkè ni.

Èyí náà la fi ń dáhùn bí wọ́n bá béèrè apá ibi tí odò kan ń ṣàn sí. Àwọn ọmọ wa, pàápàá àwọn ará Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta tó mọ Ògùn àti Ọ̀ṣun, máa ń kọ gúúsù láìwo kọ́ńtọ̀ rárá, nítorí òkun wà ní gúúsù. Ṣùgbọ́n ẹ wo odò Àsà tó la ìlú Ìlọrin kọjá. Àríwá ni Àsà ń ṣàn sí, ọ̀dọ̀ Ọya lomi rẹ̀ ń lọ. Ọmọ tó bá kọ gúúsù lórí máàpù Ìlọrin ti gbé òdo. V tó wà lára kọ́ńtọ̀ yóò kọjú sí orísun odò, omi yóò sì máa ṣàn lọ sí òdìkejì. Bí kọ́ńtọ̀ bá jìnnà síra jù láti fi mọ̀, kí a wo àwọn odò kéékèèké tó ń dà sínú rẹ̀: wọ́n sábà máa ń da ẹnu wọn kọ apá ibi tí odò ńlá ń lọ.

A tún padà sórí A àti B. Olùdánwò ní kí a sọ bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àárín wọn ṣe ga tó. Ohun tó ń béèrè ni pé bí ènìyàn bá gòkè ní mítà kan, mítà mélòó ni yóò ti rìn lọ síwájú. Ìyàtọ̀ gíga ni 1,250 dín 850, ìyẹn 400. Ìrìn síwájú ni mítà 2,400. Ọ̀pọ̀ ọmọ yóò pín 2,400 sí 400, wọn yóò kọ ẹyọ 1 nínú 6. Ó rí rèǹtè, ó jẹ́ òǹkà tó mọ́ tónítóní, ó sì jẹ́ àṣìṣe. Ẹsẹ̀ bàtà ni 400, mítà ni 2,400. A kò lè fi ọ̀kan pín èkejì láìjẹ́ pé a sọ wọ́n di ìwọ̀n kan náà. Ẹsẹ̀ bàtà 400 jẹ́ mítà 122. Bí a bá pín 2,400 sí 122, a óò rí 19.7, a lè pè é ní ẹyọ 1 nínú 20. Kẹ̀kẹ́ yóò gun 1 nínú 20 pẹ̀lú ipá díẹ̀, ṣùgbọ́n 1 nínú 6 yóò mú kí ènìyàn sọ̀kalẹ̀ tì í. Mo máa ń rọ àwọn ọmọ pé kí wọ́n bi ara wọn léèrè bóyá òkè tí wọ́n ṣírò yẹn bá kọ́ńtọ̀ tó wà níwájú wọn mu. Láti A dé B, kọ́ńtọ̀ mẹ́jọ péré la gùn nínú kìlómítà 2.4. Òkè tó jẹ́ 1 nínú 6 yóò ní ju ogún lọ.

Kí ni fọ́tòkọ́pì ṣe sí èyí? Gíga kò yí: 850 ni 850 lórí bébà ńlá àti kékeré, òǹkà la kà, a kò fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ìrìn síwájú ni rúlà kàn. Ọmọ tó bá rí mítà 1,700 dípò 2,400 yóò kọ 1 nínú 14, bó tilẹ̀ yí ẹsẹ̀ bàtà sí mítà bó ṣe yẹ. Àṣìṣe ti sikẹ́ẹ̀lì ló ràn mọ́ ọn.

Ìbéèrè kan tún máa ń tẹ̀lé èyí: ǹjẹ́ ẹni tó dúró ní A lè rí B? Gíga B nìkan kò tó fi dáhùn. Ohun tó wà láàárín ni kí a wò. Ẹ jẹ́ kí á lọ sí ìdajì ọ̀nà, sẹ̀ǹtímítà 2.4 sí A lórí bébà ńlá. Ojú ẹni tó ń wo B láti A yóò gba ìdajì gíga kọjá níbẹ̀, ìyẹn láàárín 850 àti 1,250: ẹsẹ̀ bàtà 1,050. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá wà ní 950, ojú yóò ré lórí rẹ̀ kọjá, a óò rí B. Bí kọ́ńtọ̀ 1,100 bá gba ibẹ̀ kọjá, ilẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ bàtà 50 ga ju ojú ọ̀nà ìríran lọ, ó ti dí i. Lójú máàpù, a lè tètè fura: bí kọ́ńtọ̀ bá fún pọ̀ nítòsí góńgó tí wọ́n sì jìnnà síra nísàlẹ̀, a sábà máa ń rí góńgó, bí ó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti fún pọ̀, tí òkè wá rọra tẹ́ lọ, òkè fúnra rẹ̀ ni yóò bo orí ara rẹ̀.

Ó ku apá ibi tí nǹkan wà. Bẹ́ẹ̀rìn ni igun tí a kà láti àríwá, a ń yí lọ bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, láti òdo dé 360. Ìlà-oòrùn jẹ́ 90, gúúsù 180, ìwọ̀-oòrùn 270. Olùdánwò lè béèrè bẹ́ẹ̀rìn B láti A. Láti A ni kí ọmọ tẹjú mọ́: ibẹ̀ ló dúró sí, ibẹ̀ ni yóò gbé àárín purotírátọ̀ lé, ibẹ̀ ni yóò sì ti fa ilà àríwá gòkè. Ọ̀pọ̀ ń dúró sí B nítorí pé orúkọ B ló kọ́kọ́ jáde nínú ìbéèrè.

Lórí máàpù wa, B wà ní kìlómítà 1.8 sí ìlà-oòrùn A, ó sì wà ní kìlómítà 1.6 sí àríwá rẹ̀. Purotírátọ̀ yóò fún wa ní 48, a ó sì kọ ọ́ bí wọ́n ṣe máa ń kọ bẹ́ẹ̀rìn, ní òǹkà mẹ́ta: 048°. A lè fi ojú wò ó bóyá ó bójú mu: àárín àríwá àti ìlà-oòrùn gan-an jẹ́ 45, B sì fi díẹ̀ tẹ̀ sí ìlà-oòrùn ju àríwá lọ, nítorí náà ó yẹ kó lé díẹ̀ ní 45. Ọmọ tó bá dúró sí B ní àṣìṣe yóò rí 228°, èyí tí í ṣe 48 àti 180. Ìyẹn ni bẹ́ẹ̀rìn A láti B, ìdáhùn sí ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi í. Bí ó bá jẹ́ pé apá ibo nìkan ni wọ́n béèrè láìbéèrè igun, àríwá ìlà-oòrùn ló tó.

Lórí ẹ̀dà fọ́tòkọ́pì, igun náà kò yí. 048° náà ni, nítorí pé ẹ̀rọ dín ìlà-oòrùn àti àríwá kù ní ìpín kan náà. Bíi ti gíga, fọ́tòkọ́pì kò lè ba ìdáhùn bẹ́ẹ̀rìn jẹ́, àfi bí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ bá gbé bébà lé e ní wíwọ́ tí ilà gíríìdì kò wá bá etí bébà dọ́gba mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ilà gíríìdì ni ká gbé purotírátọ̀ lé, kì í ṣe etí bébà.

Ìṣòro kan ṣì wà lórí àríwá. Abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì kì í kọjú sí àríwá tí ilà gíríìdì kọjú sí gan-an. Àríwá máàgnẹ́ẹ̀tì ló ń lépa, èyí sì ń yí díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún. Etí máàpù máa ń sọ ìyàtọ̀ àárín wọn ní ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, àti bó ṣe ń yí. Ká ní etí máàpù kan sọ pé ní 1965, àríwá máàgnẹ́ẹ̀tì wà ní dígírì 8 sí ìwọ̀-oòrùn àríwá gíríìdì, ó sì ń dín kù ní ìṣẹ́jú 6 lọ́dọọdún. Ìṣẹ́jú 60 ló wà nínú dígírì kan. Bí olùdánwò bá béèrè ti 2005, ogójì ọdún ti kọjá, ìṣẹ́jú 240 ti kúrò, èyí jẹ́ dígírì 4. Ó ku dígírì 4 sí ìwọ̀-oòrùn. Nígbà tí àríwá máàgnẹ́ẹ̀tì bá wà ní ìwọ̀-oòrùn, ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka igun ti lọ sẹ́yìn, nítorí náà igun yóò pọ̀ sí i: bẹ́ẹ̀rìn máàgnẹ́ẹ̀tì B láti A yóò di 052°. Bí ìbéèrè kò bá dárúkọ máàgnẹ́ẹ̀tì, 048° ni kí a kọ, kí a sì fi dígírì mẹ́rin yẹn sílẹ̀ fún ẹni tó mú kọ́ńpáàsì lọ́wọ́, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé náà, tó ń wá B.